Mílíìkì Màlúù Tí Ọmú Rẹ̀ Wú: Ohun Tí Ẹni Tó Ń Ra Wàrà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ Yóò Máa Wò

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, mílíìkì ni a ó pe èyí tó ṣì ń ṣàn, wàrà ni a ó pe èyí tó ti dì. Ọwọ́ àwọn Fúlàní ni a ti gba wàrà, ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú un dì, kò sí ilé tí kò mọ ìyẹn. Ọmú tí mílíìkì ti jáde ni ọ̀rọ̀ wà.

Nínú ọmú

Ọ̀nà mẹ́rin ni ọmú màlúù pín sí, orí ọmú kọ̀ọ̀kan ló sì ní àpò mílíìkì tirẹ̀. Kòkòrò àrùn a máa gba ẹnu orí ọmú wọlé láti ọwọ́ ẹni tó ń fún un, láti ẹnu ọmọ màlúù, tàbí láti inú ẹrẹ̀ tí ẹran sùn sí. Bí àrùn náà bá le, ọmú á wú, á gbóná, ẹran á máa ta ẹni tó bá fọwọ́ kàn án nípàá, mílíìkì á sì jáde pẹ̀lú ègé kéékèèké bí ògì tó ṣù. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, àrùn yìí kì í hàn. Ọmú kò wú, mílíìkì funfun báláú, a ó sì dà á mọ́ ti àwọn màlúù yòókù nínú igbá kan náà.

Ahọ́n lè mọ̀ ọ́n. Ibi tí àrùn ti ba inú ọmú jẹ́, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á jò wọ inú mílíìkì, ṣúgà tirẹ̀ á sì dín kù, ìdí nìyẹn tí adùn fi ń lọ tí iyọ̀ fi ń dé. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ó lè máa rùn bí ọ̀rá tó ti pẹ́ nílẹ̀. Kí a má sì dá ẹjọ́ lórí iyọ̀ nìkan: màlúù tí ọmú rẹ̀ ti fẹ́ gbẹ, tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, a máa ní mílíìkì oníyọ̀ láìsí àrùn.

Ìdí tí wàrà fi ń fọ́

Púrótéènì kan ni oje bomubomu ń mú so pọ̀ kí wàrà tó dì. Nínú ọmú tó ń ṣàìsàn, àwọn èròjà tó ń gé púrótéènì náà wẹ́wẹ́ a máa pọ̀ sí i, kíkan díẹ̀ tí mílíìkì tútù máa ń ní a sì dín kù, bẹ́ẹ̀ ìdídì ń fẹ́ ìkan náà. Wàrà á pẹ́ kó tó dì, á kéré nínú agbọ̀n, omi tó ń jò lára rẹ̀ á sì funfun dípò kó mọ́.

Mo ra irú rẹ̀ rí ní Ìsọlọ̀. Bí mo ṣe fi ọ̀bẹ kàn án ló wó bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí kò jinná, nígbà tó sì dé inú epo gbígbóná, ó tú ká kó tó pọ́n. Wàrà gidi a máa dún lábẹ́ eyín. Ó yẹ kí n sọ pé omi tí a bù lé mílíìkì náà lè sọ wàrà di ẹlẹgẹ́, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó bá ìyá oníwàrà jà.

Mílíìkì tó dì fúnra rẹ̀ lórí iná láìsí ewé, ọ̀rọ̀ mìíràn ni: ó ti kan lọ́nà láti gáà ni.

Bí ó bá hó, ṣé ó ti tán?

Kò tán. Híhó ń pa kòkòrò, títí kan àwọn tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ láti ara màlúù. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Sítáfílókọ́kọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú àwọn tó sábà ń fa àrùn ọmú, lè tu májèlé sínú mílíìkì tó jókòó sínú ooru, májèlé náà kì í sì í bá híhó lọ. Ẹni tó bá mu ún lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà.

Oògùn apakòkòrò àti ọjọ́ ìdádúró

Pẹnisilíìnì àti ọkisitẹtirasáíkílìn ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn darandaran, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fún ẹran lábẹ́rẹ́ fúnra wọn. Oògùn yìí á gba inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú mílíìkì. Bí a bá tiẹ̀ fi sí orí ọmú kan ṣoṣo, mílíìkì orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ó dá dúró. Ooru ìdáná kò sì lè mú un kúrò.

Ìwé ara ìgò ló ń sọ iye ọjọ́. Ìlà méjì ni yóò wà níbẹ̀, ọ̀kan fún mílíìkì, ọ̀kan fún ẹran pípa, ti ẹran ló sì sábà ń gùn jù. Àwọn ìgò mìíràn kọ ọ́ pé kí a má lò ó rárá fún màlúù tí ènìyàn ń mu mílíìkì rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò náà. Àjọ náà, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ní ilé àyẹ̀wò ní Òṣòdì níbí.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà ni kíkà. Ká ní ìgò sọ pé wákàtí 96, ká sì ní wọ́n gún màlúù ní aago méje òwúrọ̀ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ẹni tó bá ka ọjọ́ láti orí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yóò ní mílíìkì ti mọ́ ní aago méje òwúrọ̀ Ẹtì. Abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ni a ń kà láti orí rẹ̀: Ọjọ́rú sí Ọjọ́bọ̀ jẹ́ 24, Ẹtì 48, Àbámẹ́ta 72, Àìkú 96. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ gáà ń fún mílíìkì, tèmi ni pé kí a da ti òwúrọ̀ Àìkú náà nù, kí a bẹ̀rẹ̀ ní Ajé. Òwúrọ̀ méje ni ìyẹn. Bí màlúù ilẹ̀ wa bá ń fún wọn ní lítà kan sí méjì, lítà méje sí mẹ́rìnlá ló lọ. Bí a bá sì fi oògùn kún un ju bí ìgò ṣe wí lọ, iye ọjọ́ yẹn kò tó mọ́, dókítà ẹran ló máa sọ òmíràn.

Dídà á pọ̀ mọ́ mílíìkì tó mọ́ kì í ṣe ọgbọ́n. Òdiwọ̀n àgbáyé fún pẹnisilíìnì nínú mílíìkì jẹ́ máíkírógíráàmù 4 nínú kílò kan. Bí gbogbo mílígíráàmù 60 tí a fà sínú ọmú bá bọ́ sínú mílíìkì, ó lè mú nǹkan bí lítà 15,000 dé òdiwọ̀n náà. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ pẹnisilíìnì ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn kòkòrò inú wa, tí oògùn kékeré yìí ń kọ́ bí wọn kò ṣe ní kú mọ́.

Ohun tí wàrà ń fi pamọ́, tí nónò ń tú síta

Oje bomubomu kò bìkítà fún oògùn apakòkòrò. Mílíìkì tó kún fún pẹnisilíìnì yóò di wàrà tó gún régé, nítorí kì í ṣe kòkòrò ló ń mú un dì. Nónò àti yógọ́ọ̀tì yàtọ̀: kòkòrò rere ló ń mú wọn kan, pẹnisilíìnì bíńtín sì lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹni tó ń ṣe yógọ́ọ̀tì nílé lè pín ìwúkàrà kan sí abọ́ méjì, kí ó fi mílíìkì tútù sí ọ̀kan, kí ó fi mílíìkì oníyẹ̀fun tí a pò sí èkejì, kí ó sì tò wọ́n síbi kan náà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí oníyẹ̀fun bá dì láàárín wákàtí mẹ́jọ, tí tútù ṣì ń ṣàn, oògùn ni ká kọ́kọ́ fura sí, tàbí ọṣẹ tó kù lára kẹ̀ǹgbẹ̀.

Ní gáà

Fún ẹni tó ní ìbátan ní gáà: ọṣẹ oníyẹ̀fun gíráàmù 15 nínú omi ìdajì lítà, kí a pò ó mọ́ mílíìkì orí ọmú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan. Èyí tó bá ki, tó ń yọ̀ bí ewédú, ọmú yẹn ń ṣàìsàn. Ẹ da èyí tí a fi dánwò nù. Màlúù tó ń ṣàìsàn ni kí a fún kẹ́yìn.