Ohun tí ó Mú kí Ìlà Náà Ṣẹ́ bí V: Ásíìdì Líle àti Álíkálì Líle nínú Iná Mànàmáná

Nígbà tí a bá ń kán álíkálì líle sínú ásíìdì líle, tí a sì ń wọn bí omi náà ti ń gbé iná mànàmáná kọjá tó, a ó rí i pé òǹkà náà kọ́kọ́ ń lọ sílẹ̀ ní ìlà gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ni yóò yíjú padà, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí a bá yà á sórí ìwé, yóò dà bí lẹ́tà V. Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìdí tí òǹkà náà fi kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa dáhùn pé áyọ́nì, èyíinì ni èérún tí ó ru iná, ni ó ń tán lọ nínú omi náà. Ìdáhùn yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. A wọn 100 mìlílítà ásíìdì HCl sínú bíkà, 0.01 móòlù ni ó wà nínú lítà rẹ̀ kan. A ki irin pẹlẹbẹ méjì tí a fi pílátínọ̀mù ṣe bọ inú rẹ̀. Iná alálọ-àlọbọ̀ ni a ń lò, nítorí pé iná tí ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo yóò máa tú omi náà palẹ̀ lára irin. Álíkálì NaOH tí ó wà nínú bùrẹ́ẹ̀tì kékeré ní móòlù 1 nínú lítà kan. Nípa báyìí, mìlílítà 1 gan-an ni yóò tó láti pa gbogbo ásíìdì náà.

Nígbà tí OH⁻ bá bọ́ sínú ásíìdì, ó pàdé H⁺, àwọn méjèèjì sì di omi lásán. Ṣùgbọ́n OH⁻ kò dá wá. Na⁺ bá a wá. Nítorí náà, bí H⁺ kan bá ti lọ, Na⁺ kan ti gba ipò rẹ̀. Iye áyọ́nì kò dín rárá títí a ó fi dé ìsàlẹ̀ V náà. Ó dà bí ọ̀nà tí ẹlẹ́ṣin kan ń kúrò lórí rẹ̀ tí arúgbó olọ́pàá kan sì ń bọ́ sí i: èrò kò dín, ìrìn ni ó fà.

Ní ìwọ̀n ooru 25 °C, bí a bá fi ìwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n, agbára H⁺ láti gbé iná jẹ́ nǹkan bí 350, ti OH⁻ jẹ́ 198, ti Cl⁻ jẹ́ 76, ti Na⁺ sì jẹ́ 50 péré. Ìdí tí H⁺ fi tayọ ni pé kì í fúnra rẹ̀ rìn já omi. Ẹ rántí bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń to ìlà nígbà ọ̀wẹ̀ ilé mímọ, tí wọ́n ń na amọ̀ sí ara wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni èérún omi kan ń na H⁺ sí èkejì. Ní ọdún 1806 ni Grotthuss ti dá irú àbá báyìí. OH⁻ náà ń jàǹfààní ọ̀nà yìí, nítorí pé ó ń gba H⁺ lọ́wọ́ omi tí ó wà nítòsí rẹ̀. Na⁺ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wọ́ ẹrù rẹ̀ já àárín omi.

Bí a bá ṣírò pẹ̀lú òǹkà wọ̀nyí, a ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 4.26 mS/cm. Nígbà tí a bá kán ìdajì mìlílítà, yóò di 2.76; ní mìlílítà 1, yóò di 1.26. Èyí ni ìsàlẹ̀ V náà, kò sì jẹ́ òfo, nítorí pé Na⁺ àti Cl⁻ ṣì wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí H⁺ mọ́ tí OH⁻ lè pàdé. Gbogbo èyí tí a bá kán ń kún ni. Ní mìlílítà 1.5, òǹkà di 2.50; ní 2, ó di 3.74. Ẹ kíyèsí i pé apá òsì dagun ju apá ọ̀tún lọ: 300 ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín H⁺ àti Na⁺, nígbà tí Na⁺ àti OH⁻ pa pọ̀ jẹ́ 248.

Ìṣirò wa kò ka omi tí ń pọ̀ sí i nínú bíkà. Mìlílítà kan lórí 100 kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí a fi mú kí álíkálì náà le ju ásíìdì lọ ní ìlọ́po 100. Bí wọ́n bá dọ́gba ní líle, omi yóò di ìlọ́po méjì kí a tó dé ìsàlẹ̀, àwọn ìlà náà yóò sì tẹ̀ kọrọdọ. Ẹni tí ó bá rí èyí yóò fi (V + v)/V sọ òǹkà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, níbi tí V jẹ́ omi àkọ́kọ́, tí v sì jẹ́ èyí tí a kán.

Bí igun V náà bá rọ̀ dípò kí ó ṣẹ́ ṣánṣán, a lè fura pé álíkálì náà ti fa gáàsì CO₂ láti inú afẹ́fẹ́. Bí òǹkà bá sì ń yí nígbà tí a kò kán ohunkóhun, kí a wo ooru, nítorí pé ìwọ̀n 1 °C lè gbé e sókè ní nǹkan bí ìdá 2 nínú 100. Lọ́nà kọ́nà, kí a má ṣe wá igun náà nípa kíkán díẹ̀díẹ̀ yí i ká. Òǹkà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó jìnnà sí i ní apá kọ̀ọ̀kan ni kí a fi fa ìlà méjì. Ibi tí wọ́n bá ti gé ara wọn kọjá ni ìdáhùn wa wà.