Owó Wà Ní Báńkì, Síbẹ̀ Káàdì Kọ̀

Nígbà tí ẹ̀rọ ìsanwó bá kọ káàdì, ohun tó sábà máa ń hàn lójú ẹ̀rọ náà kò ju DECLINED lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Bowie, Lanham tàbí Hyattsville á yára ṣí áàpù báńkì wò, a ó rí i pé owó wà níbẹ̀ digbí, ojú á wá tì wá níwájú káṣíà. Àmọ́ iye owó tó wà nínú akáǹtì jẹ́ ọ̀kan péré lára ohun tí báńkì ń yẹ̀ wò kó tó gbà. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú èsì tí báńkì fi ń ránṣẹ́ sí ilé ìtajà: 51 ni pé owó kò tó, 61 ni pé iye náà ti kọjá gbèdéke, 57 ni pé wọn kò fún káàdì yẹn láàyè irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yìí kì í sábà hàn sí oníbàárà, ṣùgbọ́n báńkì ní in lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá pè wọ́n, ẹ má béèrè iye tó kù. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ká ní nọ́ọ̀sì kan ní 1,900 dọ́là nínú akáǹtì, tí báńkì rẹ̀ sì fi gbèdéke ọjà rírà sí 1,500 dọ́là lójúmọ́. Láàárọ̀, ó ki káàdì bọ ẹ̀rọ epo, ó ra epo 42 dọ́là. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ iye epo tí yóò fà, nítorí náà ó lè ní kí báńkì kọ́kọ́ di owó mú, ó sì lè tó 175 dọ́là. Lọ́sàn-án, mẹkáníìkì ní kó san 1,400. Owó tí a kò dì mú ṣì jẹ́ 1,725, ó tó san. Ṣùgbọ́n bí báńkì bá ka 175 yẹn mọ́ ìnáwó ọjọ́ náà, àpapọ̀ rẹ̀ di 1,575, ó ti fi 75 dọ́là kọjá gbèdéke. Bó ki káàdì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èsì kò ní yí padà; ó tilẹ̀ lè mú kí báńkì fura pé olè ni, kí wọ́n ti káàdì pa. Kó pe báńkì pé kí wọ́n gbé gbèdéke sókè fún ọjọ́ yẹn ló dára jù. Lọ́jọ́ mìíràn, kó wọlé lọ bá káṣíà ilé epo, kó sọ iye tó fẹ́ rà, wọn kò ní dì mú ju ìyẹn lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé, owó mi ni, kí ló kan báńkì pẹ̀lú iye tí mo fẹ́ ná? Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olè bá lo káàdì dẹ́bíìtì, inú akáǹtì yín gan-an ni owó ti ń jáde. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1978, bí ẹ bá fi tó báńkì létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì tí ẹ mọ̀ pé káàdì sọnù, àdánù yín kò lè ju 50 dọ́là lọ. Bí ẹ bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀, ó lè dé 500. Bí 60 ọjọ́ bá sì kọjá lẹ́yìn tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ akáǹtì ránṣẹ́, ó lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbèdéke ni kì í jẹ́ kí olè kó gbogbo rẹ̀ lọ kí ẹ tó mọ̀. Òfin kan náà ní kí báńkì sọ fún yín nípa gbèdéke tó bá wà, nítorí náà ẹ wò ó nínú ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ ṣí akáǹtì.

Ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Káàdì tó ṣiṣẹ́ nílé ìtajà láàárọ̀ lè kọ̀ lórí fóònù lálẹ́, torí pé wọ́n ti pa ìlò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí ti òkè òkun nínú áàpù báńkì. Ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó wà ní Èkó lè kọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ sí ibi ètò káàdì nínú áàpù, ẹ ṣí i, ẹ rajà, kí ẹ sì tún un pa.

Èyí tó ń rúni lójú jù ni ti irú òwò. Báńkì tó ń bá ilé ìtajà gba owó ti fún un ní nọ́ńbà oníye mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí òwò tó ń ṣe jù: 8011 fún dókítà, 5411 fún sùpámákẹ́ẹ̀tì. Káàdì ìtọ́jú ìlera tí ibi iṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní FSA, máa ń gba 8011. Ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, ilé ìtajà náà gbọ́dọ̀ ní ètò tó ń dá oògùn mọ̀ yàtọ̀ sí ìrẹsì. Bí kò bá ní in, oògùn orí fífọ́ kan náà tí wọ́n tà fún yín níbòmíì kò ní kọjá níbẹ̀. Ẹ má bá káṣíà jà, kò lágbára lórí rẹ̀. Ẹ fi owó mìíràn san, ẹ gba rìsíìtì tó dárúkọ oògùn náà, kí ẹ fi béèrè owó yín lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó káàdì náà. Bákan náà ni Independence Card ti Maryland: láti 2012 ni òfin àpapọ̀ ti ní kí àwọn ìpínlẹ̀ dènà lílo owó ìrànwọ́ nílé tẹ́tẹ́ àti nílé ìtajà ọtí, nítorí náà kò yẹ kí ẹ̀rọ ìgbowó tó wà nílé tẹ́tẹ́ ní National Harbor san án, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ni kí ẹ pè nígbàkigbà tó bá kọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun fẹ́ bá yín ṣí káàdì, tó sì ń béèrè nọ́ńbà àṣírí yín, ẹ má dá a lóhùn.