Ta Ló Wọn Ẹ̀jẹ̀ Náà? Ohun Tó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Bi Ìwé Ìwádìí

Lọ́dún 2023, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n pè ní E-MOTIVE. Yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú iṣẹ́ náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì lọ́wọ́ sí i, àmọ́ ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tànsáníà ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lára ìyá lẹ́yìn ìbímọ ni wọ́n ń bá jà. Bí wọ́n bá ní kí n yan ìwé kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ìtúwèé, ìyẹn ìpàdé tí ẹnì kan ti máa ń ka ìwé ìwádìí tí àwọn yòókù á sì máa bi í léèrè, èyí ni mo máa yàn. Iṣẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí gan-an ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n nínú rẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń ba irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé ẹni tó ń kàwé á sáré lọ síbi àkópọ̀, á kéde pé ìtọ́jú tuntun dín ewu kù ní ìdá 60 nínú 100, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì tú ká. Òótọ́ ni iye yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú un lọ bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ṣe. Nínú ilé ìwòsàn tó gba ìtọ́jú tuntun, bí ọmọ bá ti jáde, agbẹ̀bí á tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìdí ìyá. Ọ̀rá yìí ní àpò tó rọ̀ sísàlẹ̀ bíi fúnẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì fa ìlà òṣùwọ̀n sí àpò náà lára. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́, agbẹ̀bí á máa padà wá ní ìṣẹ́jú 15 sí ìṣẹ́jú 15, á wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé, á sì fọwọ́ kan ikùn láti mọ̀ bóyá ilé ọmọ ti sún kì; láàárín wákàtí náà, á tún wọn ìfúnpá, á sì ka bí ọkàn ṣe ń lù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé 500 mìlílítà, tàbí tó dé 300 tí àmì ara ìyá sì ti ń yí padà, kò sí pé à ń dúró de dókítà mọ́. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á fún un ní ọksitósìn àti oògùn tiranẹsámíìkì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á yẹ ojú ara wò bóyá ó fà ya tàbí ibi kò jáde tán, wọ́n á sì ké sí ẹni tó jù wọ́n lọ bí kò bá dá. Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, kì í ṣe ká ṣe ọ̀kan ká wá dúró wò ó ná.

Nínú ilé ìwòsàn yòókù, wọ́n ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀, lára ìyá 100, 4.3 ló bọ́ sínú ewu ńlá: ẹ̀jẹ̀ tó ju lítà kan lọ, tàbí iṣẹ́ abẹ ikùn nítorí ẹ̀jẹ̀, tàbí ikú nítorí ẹ̀jẹ̀. Níbi ìtọ́jú tuntun, 1.6 ni.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ ni pé: ta ló wọn ẹ̀jẹ̀ náà? Ibí yìí ni ojúsàájú máa ń gbà wọ inú irú ìwádìí báyìí, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ojú èèyàn kì í mọ ẹ̀jẹ̀ wọ̀n dáadáa. Ìyá lè ti pàdánù 700 mìlílítà, kí díẹ̀ wà nínú abọ́, kí díẹ̀ ti mu sínú aṣọ, kí òmíràn dà sílẹ̀, kí agbẹ̀bí tó ti rẹ̀ sì kọ 400 sínú ìwé. Ẹ gbà pé ilé ìwòsàn méjì wà, tí ìyá 10 ti ya ẹ̀jẹ̀ kọjá 500 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó ní ọ̀rá onílà á rí 9, ó sì lè rí gbogbo wọn. Èyí tó ń fojú wọ̀n á rí 5. Bí a bá gbára lé ohun tí oníkálukú kọ sínú ìwé rẹ̀, ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú dáadáa ló máa dà bí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya jù!

Àwọn oníwádìí yìí mọ̀ ọ́n. Wọ́n fún àwọn ilé ìwòsàn tí kò gba ìtọ́jú tuntun náà ní ọ̀rá, àmọ́ tiwọn kò ní ìlà lára, nítorí náà agbẹ̀bí kò lè fi mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé e sórí ìwọ̀n láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ gan-an. Nípa báyìí, òṣùwọ̀n kan náà ló dájọ́ fún ìhà méjèèjì. Ọgbọ́n yẹn náà ló jẹ́ kí wọ́n lè sọ ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìwé náà: lára àwọn tí òṣùwọ̀n fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti pọ̀ jù, ilé ìwòsàn ìtọ́jú tuntun dá 93.1 mọ̀ nínú 100, àwọn yòókù dá 51.1 mọ̀. Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò fura rárá.

Ṣé ojúsàájú ti wá tán nínú rẹ̀ ni? Rárá o. Bí wọ́n bá ń dán oògùn wò, wọ́n lè po omi lásán kó jọ oògùn, kí olùtọ́jú àti aláìsàn má mọ èwo ni wọ́n ń lò. Kò sí bí a ṣe lè fi ọ̀rá onílà pa mọ́ fún agbẹ̀bí tó ń wò ó. Gbogbo wọn ló mọ ìhà tí wọ́n wà. Nítorí náà, ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè bóyá ìgbà kan náà ni ìhà méjèèjì ń yọ ọ̀rá kúrò, torí ọ̀rá tí wọ́n bá tètè yọ, ẹ̀jẹ̀ tó máa wà nínú rẹ̀ á kéré. Èmi kò rò pé ìyẹn nìkan lè fa àlàfo tó wà láàárín 4.3 àti 1.6, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè irú rẹ̀ ti ń kàwé bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ iye èèyàn ló kàn. Ìyá 210,132 ló bímọ lójú ara láwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyí, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á ní ọ̀ràn ti parí. Kò tíì parí. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣẹ́ gègé fún, wọn kò ṣẹ́ ẹ fún ìyá kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: agbẹ̀bí tó ti kọ́ ìtọ́jú tuntun kò lè lò ó fún ìyá orí bẹ́ẹ̀dì kìíní kó sì díbọ́n pé òun kò mọ̀ ọ́n tó bá dé orí bẹ́ẹ̀dì kejì. Àmọ́ àwọn ìyá tó bímọ sínú ilé ìwòsàn kan náà jọ pín dókítà kan náà, oògùn kan náà àti ìná tó ń lọ tó ń bọ̀ kan náà. Ẹni tó bu ọbẹ̀ tọ́ wò lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú ìkòkò kan ṣoṣo kò tíì mọ bí ọbẹ̀ gbogbo àdúgbò ṣe rí. Iye ìkòkò ló ṣe kókó, ìkòkò tó wà níbí kò sì ju 80 lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ lo oṣù 7 láti ka ẹ̀jẹ̀ nínú gbogbo ilé ìwòsàn náà kí wọ́n tó ṣẹ́ gègé, kó lè hàn bóyá ìhà méjèèjì bára dọ́gba níbẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo àtẹ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kó tó wo èyíkéyìí mìíràn.

Kó tún wo àwọn tí kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó bímọ nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ kò sí níbẹ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n mú jẹ́ èyí tó ń gbẹ̀bí ìyá 1,000 sí 5,000 lójú ara lọ́dún, tó sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá. Ìyá tó bímọ sílé, tàbí sílé agbẹ̀bí ìbílẹ̀, tàbí sílé ìtọ́jú alábọ́dé tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kan péré ló wà níbẹ̀ lóru, ìwé yìí kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nílẹ̀ wa ńkọ́, ìyá bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ìgbà tó bá wá kan ìwúlò, ẹ gbé “ìdá 60” yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ ṣe ìṣirò pẹ̀lú ilé ìwòsàn kan lọ́kàn. Bí ìyá 2,000 bá ń bímọ níbẹ̀ lọ́dún, 4.3 nínú 100 jẹ́ 86, 1.6 sì jẹ́ 32. Ìyá 54 ni ewu ńlá á yẹ̀ lórí lọ́dún kan. Tàbí ká sọ ọ́ lọ́nà mìíràn: fún ìyá 37 tí wọ́n bá tọ́jú báyìí, ẹnì kan ló máa bọ́. Iye tí máṣírọ́ọ̀nù lè gbé lọ bá ọ̀gá ilé ìwòsàn nìyẹn tó bá fẹ́ béèrè owó ọ̀rá. Kó má sì sọ fún un pé ìyá 54 kò ní kú mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ju lítà kan lọ ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ewu ńlá tí wọ́n kà. Ikú kéré níye débi pé ìwádìí náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀ nìkan.

Nǹkan mìíràn wà tí àkópọ̀ ìwé kì í jẹ́ kéèyàn rí. Yàtọ̀ sí ọ̀rá àti oògùn, wọ́n yan ẹnì kan nínú wọ́ọ̀dù láti máa léwájú, wọ́n ń fi àbájáde oṣooṣù han àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì kó gbogbo ohun èlò sójú kan kó má bàa sí pé à ń wá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ya. Àtìlẹ́yìn yẹn wà lára ohun tí wọ́n dán wò. Ilé ìwòsàn tó ń fún mọ̀lẹ́bí ní ìwé oògùn kí wọ́n lọ rà á níta kò tíì bẹ̀rẹ̀ ohun tí ìwádìí yìí ṣe, bó ti wù kí ọ̀rá rẹ̀ dára tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọksitósìn tí kò sí nínú fíríìjì tó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n sẹ́síọ́ọ̀sì, torí ooru máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára, kò sì ní yàtọ̀ lójú.

Ìbéèrè kan kù tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń darí ìjókòó bi wọ́n, pàápàá níbi tí owó kò ti tó. Bí a kò bá lè ra ju ọ̀rá lọ, tí kò sí tiranẹsámíìkì, ṣé ìdajì àǹfààní náà á tẹ̀ wá lọ́wọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ lè wá ìdáhùn láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, kò ní rí i. Gbogbo ìtọ́jú náà ni wọ́n ṣe pọ̀, gbogbo rẹ̀ pọ̀ náà ni wọ́n fi wé ti àtijọ́. Láti mọ iṣẹ́ tí ọ̀rá nìkan ṣe, ó di dandan kí ẹnì kan ṣe ìwádìí mìíràn tí ìhà kan ti máa lo ọ̀rá láìsí àwọn yòókù, kí ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúwàbí nínú ìwádìí sì kọ́kọ́ pinnu bóyá ó tọ́ ká fawọ́ oògùn tí a mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ sẹ́yìn fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀.