Ohun tí ẹ ní, gbèsè tí ẹ jẹ: ìṣirò ọrọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún

Owó lè máa wọlé lójoojúmọ́ kí gbèsè sì máa ga sí i lábẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí oníṣòwò tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ń lọ síwájú fi gbọ́dọ̀ yan ọjọ́ kan lọ́dún, kó kọ gbogbo ohun tó ní sí apá kan ìwé, kó kọ gbogbo gbèsè tó jẹ sí apá kejì, kó wá yọ gbèsè kúrò nínú ohun tó ní. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ọrọ̀ rẹ̀ gan-an. Ìyọkúrò yẹn kò le. Iye tí a máa kọ síwájú nǹkan kọ̀ọ̀kan ló máa ń da ìṣirò rú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ìparí ọdún 2023 ló jókòó ti ìwé rẹ̀. Aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ kọ. Bó bá kọ iye tó ń retí láti tà á fún oníbàárà, èrè tí kò tíì jẹ ló ń kà yẹn. Iye tí aláṣọ bíi tirẹ̀ máa san bó bá fẹ́ kó gbogbo ẹrù náà lọ lọ́jọ́ yẹn ló yẹ kó kọ: ₦3,000,000. Ó ní ₦400,000 ní báǹkì, ₦600,000 lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti ilẹ̀ kan tí àwọn tó mọ àdúgbò náà ní wọ́n lè ra ní ₦2,500,000. Àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ní ₦800,000 àwìn, ṣùgbọ́n ₦300,000 nínú rẹ̀ ti lé lọ́dún méjì, àwọn tó jẹ ẹ́ kì í sì í gbé fóònù mọ́. ₦500,000 ló kọ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦7,000,000. Ilé bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, torí ilé ẹbí ni, kò lè dá a tà.

Ní apá gbèsè, ó ṣẹ́kù ₦900,000 tó yá lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù, àti ₦750,000 tó jẹ ẹni tó kó aṣọ fún un. Lẹ́yìn náà ni èésú, ibẹ̀ ló sì ṣòro jù. Èèyàn mẹ́wàá ni wọ́n, ₦50,000 lóṣù. Òun ló kó ti oṣù kẹta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ èésú náà, ìyẹn oṣù tó ń parí yìí, ₦500,000, ó sì ti ná an. Ó kù kó dá owó oṣù méje fún àwọn yòókù: ₦350,000. Gbèsè ni, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ pè é ní gbèsè. Ẹni tó máa kó kẹ́yìn nínú èésú kan náà ti dá ₦150,000, ohun ìní ni tirẹ̀ jẹ́. Ẹgbẹ́ kan náà, oṣù kan náà, apá ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Mo rò pé èyí ló ń tan àwọn èèyàn wa jù.

Gbèsè rẹ̀ jẹ́ ₦2,000,000. Ọrọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦5,000,000. Bó bá dúró fún ẹnìkan tó yáwó, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé láì fi kún ìṣirò. Ọjọ́ tí ẹni náà kò bá san mọ́ ló di gbèsè onídùúró.

Ká ní ìparí 2024 dé, ó tún ka ohun gbogbo, ó sì rí ₦6,000,000. Inú rẹ̀ á dùn pé mílíọ̀nù kan ti gun orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sọ pé ní oṣù Kejìlá 2024, nǹkan ti gbówó lórí ju ti oṣù Kejìlá 2023 lọ ní ìdá 34.8 nínú 100. Ohun tí ₦5,000,000 lè rà ní ìparí 2023, ó ti di nǹkan bíi ₦6,740,000 kéèyàn tó lè rà á ní ìparí 2024. Ọrọ̀ rẹ̀ dín ní ₦740,000. Aṣọ ṣọ́ọ̀bù kan náà tó wọ́n sí i ló mú kí iye orí ìwé ga, kì í ṣe pé aṣọ pọ̀ sí i. Bó bá fẹ́ rí i kedere, kó ka iye bọ́ńdù aṣọ pẹ̀lú owó rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ má yí ọjọ́ padà. Ẹni tó ka tirẹ̀ nígbà tí ẹrù ọdún kún ṣọ́ọ̀bù, tó tún ka ti ọdún kejì lẹ́yìn tí ọjà ti tán, kò lè fi méjèèjì wéra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má yí ọ̀nà tí ẹ fi díye lé nǹkan padà. Ẹ tọ́jú ìwé ọdún yìí, nítorí ìwé ẹyọ kan kò lè sọ fún yín bóyá ẹ ń lọ síwájú tàbí ẹ ń padà sẹ́yìn.