Ìdákẹ́jẹ́ tí àṣẹ dá sílẹ̀: ibi tí ọ̀já Bollinger àti ọ̀nà Keltner ti ń ṣini lọ́nà lórí owó náírà

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2023, ₦471.67 ni wọ́n fi palẹ̀ ọjà dọ́là tí ìjọba fọwọ́ sí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ṣú, ó ti di ₦664.04. Kí oṣù náà tó parí, àwọn aṣọ́bodè náà gbé iye tí wọ́n fi ń ṣírò dọ́là kúrò ní ₦422.30 lọ sí ₦589. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ tó 20,000 dọ́là ní èbúté Àpápá rí i pé iye tí wọ́n máa gbé owó ibodè lé ti kúrò ní ₦8,446,000, ó ti di ₦11,780,000, bẹ́ẹ̀ ẹrù kan náà ni, nínú kọ̀ǹtẹ́nà kan náà. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí etí omi. Ó ń tẹ̀lé ọjà wọ Ajégúnlẹ̀, ó sì ń bá ẹni tó ń rajà ní ọjà Boundary. Àwọn tó ń fi àwòrán ìlà ka ọjà lè tọ́ka sẹ́yìn pé àmì ìfúnpọ̀ ti wà lójú àwòrán tipẹ́, pé ó ti sọ̀rọ̀, a ò gbọ́ ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àmì náà wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n rò pé ó ń sọ ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ìlà méjèèjì ń wọ̀n. Ọ̀já Bollinger, tí John Bollinger gbé jáde ní àwọn ọdún 1980, máa ń kó iye tí wọ́n fi palẹ̀ ọjà ní ogún ọjọ́ jọ, á wá àròpín wọn, á sì wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àròpín náà tó. Ìwọ̀n ìfọ́nká yẹn ni wọ́n ń fi àmì σ kọ. Wọ́n á wá fa ìlà kan sókè ní ìlọ́po méjì rẹ̀, wọ́n á fa ọ̀kan sísàlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án kò kan ọ̀já yìí. Ibi tí ọjà sùn sí nìkan ló mọ̀. Ọ̀nà Keltner ní tirẹ̀ ń bi wá pé: báwo lọjà ṣe rìn tó lóòjọ́? Chester Keltner, oníṣòwò ọkà ní Chicago, ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1960, àlàfo láàárín iye tó ga jù àti èyí tó kéré jù lọ́jọ́ kan ló sì ń lò. Lónìí, àròpín ìrìn ojúmọ́ tí Welles Wilder ṣe ní 1978 ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. ATR lorúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó sì ń ka fífò láti ìpalẹ̀ àná mọ́ ọn.

John Carter ló sọ pípa méjèèjì pọ̀ di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, lábẹ́ orúkọ TTM Squeeze. Nígbà tí ọ̀já Bollinger bá wọnú ọ̀nà Keltner pátápátá, ìfúnpọ̀ ti dé. Bí a bá fi àròpín kan náà ṣe àárín méjèèjì, gbogbo rẹ̀ kò ju èyí lọ:

```
2 × σ < 1.5 × ATR
```

Ká ní ìpín ìdókòwò kan ń lọ ní àyíká ₦50. Ní ogún ọjọ́, σ rẹ̀ jẹ́ 60 kọ́bọ̀, ATR rẹ̀ jẹ́ ₦1. Ọ̀já Bollinger á wà láàárín ₦48.80 sí ₦51.20, ọ̀nà Keltner láàárín ₦48.50 sí ₦51.50. Ìfúnpọ̀ nìyẹn. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa: ọjà yìí kò sùn. Ó ń rin náírà kan gbáko lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ń padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà ń jà, kò sì tíì sẹ́ni tó ṣẹ́gun. Bí ọjà bá parí sí ₦53 lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tó rin ₦3.20, σ á fò dé nǹkan bí 88 kọ́bọ̀, nítorí pé ìṣirò rẹ̀ ń sọ ìjìnnà di ìlọ́po ara rẹ̀. ATR tó jẹ́ àròpín lásán á rọra dé ₦1.11. Ìlọ́po méjì σ ti di ₦1.75, ti Keltner jẹ́ ₦1.67. Ọ̀já ti bọ́ síta lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyàtọ̀ ìyára yìí ló mú kí pípa wọ́n pọ̀ ní ìtumọ̀: ọ̀kan ń fò, èkejì ń rìn.

Tí ìjà olùrà àti olùtà bá jẹ́ orísun àmì náà, kí ni ká sọ nípa náírà ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023? Nígbà tí 2022 parí, dọ́là wà ní nǹkan bí ₦461. Ó gbà á tó oṣù márùn-ún àbọ̀ kó tó fi náírà mẹ́wàá lé e. Báńkì Àpapọ̀ ló ń dá iye ìpalẹ̀ dúró, nítorí náà σ kéré jọjọ. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn kan ń ṣe dọ́là ní iye tó jìnnà gan-an sí èyí tí wọ́n fi ń palẹ̀, nítorí náà àlàfo òkè àti ìsàlẹ̀ fẹ̀. Ẹ fi èyí sínú ìṣirò òkè yẹn: σ kékeré, ATR ńlá. Ìfúnpọ̀ máa ń jáde lójoojúmọ́, bíi iná ìkìlọ̀ mọ́tò tí wáyà rẹ̀ ti kan ara wọn. Kì í ṣe pé irú iná bẹ́ẹ̀ tàn ló burú. Ohun tó burú ni pé kò lè kú.

Ẹnìkan á ní, ṣebí ó padà bú jáde? Ó bú, bó ṣe bú ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2016, tí dọ́là tó ti wà láàárín ₦197 sí ₦199 fún ohun tó lé ní ọdún kan fò dé àyíká ₦282. Ṣùgbọ́n àmì tó wà ní oṣù kìíní ọdún 2023, tó wà ní oṣù kẹta, tó ṣì wà ní oṣù karùn-ún, kò lè sọ fún oníṣòwò Àpápá pé oṣù kẹfà ni kó sáré gba ẹrù rẹ̀ jáde. Ìlà méjèèjì kò sì mọ apá ibi tí ọjà máa lọ, kódà lọ́jà tó dá dúró. Ohun tó sọ pé náírà ni yóò ṣubú ni pé dọ́là ń lọ ní nǹkan bí ₦750 nígbà náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú pópó. Àlàfo yẹn kò sí nínú àwòrán tí wọ́n ń wò. Orí ọjà mìíràn ló wà.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ: ó ní ká kúkú gbé ìlà náà lọ sí ọjà ojú pópó, níbi tí kò sí ẹni tó ń dá iye dúró. Mo gbà pé ibẹ̀ sàn jù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí àkọsílẹ̀ kan tó dájú nípa iye tó ga jù àti èyí tó kéré jù lóòjọ́. Iye tẹ́nìkan bá rí gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń ṣẹ́ owó ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. A lè fi ìyẹn fa ọ̀já Bollinger. Tí Keltner bá wá gba iye kan ṣoṣo yẹn gẹ́gẹ́ bí òkè àti ìsàlẹ̀, ATR á súnkì ju bó ṣe yẹ lọ, ìfúnpọ̀ tòótọ́ á sì kọjá láìsí ẹni tó rí i.

Ní ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, a ní òkè, a ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n iye kò gbọdọ̀ kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lóòjọ́. Ìpín tó wà ní ₦50 lè ṣí sí ₦55, kó sì dúró síbẹ̀ dalẹ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ tà. Bí Keltner ṣe kọ ọ́ ní 1960, òdo ni ìrìn ọjọ́ náà. Pẹ̀lú ti Wilder, ₦5 ni. Kẹ́ni tó ń lò ó rí i dájú pé èyí tí kọ̀ǹpútà òun ń ṣe ni ti Wilder. Kó sì wo iye ìpín tó yí ọwọ́ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ogún ọjọ́ náà, nítorí ìpín wà tí iye rẹ̀ kì í yí padà fún ọ̀sẹ̀ méjì torí pé kò sẹ́ni tó rà á tó. Níbi tí òwò bá ti pọ̀ lójoojúmọ́, tí iye ń lọ tó ń bọ̀, tí ọ̀já wá wọnú ọ̀nà, mo lè dúró ti àmì náà. Níbi tí ìlà ti tẹ́ rẹrẹ torí pé òwò kò sí, tàbí torí pé báńkì ló di iye mú, ìgbésẹ̀ ẹni tó dì í mú ni kí oníṣòwò máa ṣọ́.