Bí ilé-iṣẹ́ bá pààrọ̀ àkáǹtì, báwo ló ṣe máa sọ ọ́ tí oníbàárà ò fi ní pè é ní gbájúẹ̀?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni tó kọ ọ́ ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń bá dòwò pọ̀ fún bí ọdún mẹ́rin ni òun. Ó ní: "Ẹ kú àárọ̀ o. A ti yí àkáǹtì wa padà. Ẹ má sanwó sí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo èyí kíákíá." Nọ́ḿbà mẹ́wàá tẹ̀ lé e. Nọ́ḿbà fóònù tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá ṣàjèjì sí mi, ni mo bá pe ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n bi ọ̀gá." Ọ̀gá ò sí nílé. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi di owó wọn mú, kí n tó mọ̀ pé àwọn gan-an ló fi ránṣẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ bí olè ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti ojo. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà jìbìtì tó ń gba owó jù lọ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé kò ju pé kí ẹnì kan kọ̀wé pé àkáǹtì ti yí padà. Olè á kọ́kọ́ wọ inú íméèlì ẹnì kan ní ilé-iṣẹ́ náà. Kò ní jí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Á máa ka ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, á mọ ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, á mọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó yẹ kó wọlé. Nígbà tí owó bá kù díẹ̀ kó jáde, á wá kọ̀wé lórúkọ ilé-iṣẹ́, á fi iye owó gan-an síbẹ̀, á sì fi àkáǹtì tirẹ̀ rọ́pò. Ìgbà mìíràn kì í tiẹ̀ wọ inú íméèlì ẹnikẹ́ni. Á ṣí àdírẹ́sì tuntun tó jọ ti ilé-iṣẹ́ náà, tó jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀, bíi kí ó fi òǹkà 1 sí ibi tí lẹ́tà l yẹ kó wà.

Ọ̀gbẹ́ni Evaldas Rimasauskas, ọmọ ilẹ̀ Lituéníà, fi irú ọ̀nà yìí gbowó lọ́wọ́ Gúgù àti Fesibúùkù láàárín 2013 sí 2015. Ilé-iṣẹ́ Kuántà ní Táíwánì ló ń ta ẹ̀rọ fún àwọn méjèèjì. Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe ni pé ó lọ forúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Látífíà, ó fún un ní orúkọ kan náà pẹ̀lú ti Táíwánì, ó sì ṣí àkáǹtì sí orúkọ yẹn. Lẹ́yìn náà ni ìwé owó bẹ̀rẹ̀ sí í dé, pẹ̀lú àdéhùn ayédèrú àti òǹtẹ̀ ayédèrú. Owó tó lé ní 120 mílíọ̀nù dọ́là ló jáde. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ilé ẹjọ́ kan ní Niu Yọ́ọ̀kì sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún ní oṣù Kejìlá 2019.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí nínú ìtàn yìí ni orúkọ yẹn. Ní Nàìjíríà, tí ẹ bá tẹ òǹkà mẹ́wàá tó jẹ́ nọ́ḿbà àkáǹtì tí ẹ sì yan báǹkì, orúkọ ẹni tó ni ín á yọ lójú fóònù kí owó tó kúrò. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ àṣìṣe. Àmọ́ orúkọ nìkan kò tó. Ẹni tó bá rí i pé "Limited" ló wà lẹ́yìn orúkọ yín lè lọ forúkọ òwò tó jọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú "Ventures" lẹ́yìn, oníbàárà tó ń kánjú á sì kà á kọjá. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tó bá sọ pé "ẹ ṣáà wo orúkọ, ẹ ó rí i pé àwa ni" kò tíì fọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ìwé tó dára kì í bẹ oníbàárà pé kó gba òun gbọ́. Ọ̀nà tó máa fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ló ń fún un, láìgba ọwọ́ ẹni tó kọ ìwé kọjá, ó sì ń fún un ní àsìkò láti ṣe bẹ́ẹ̀. Olè ò lè fúnni ní méjèèjì yìí. Gbogbo agbára olè wà nínú kíákíá, àti nínú pé kí ẹ má pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa rí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Ìbàdàn, tó ní igba oníbàárà, tó sì fẹ́ kó àkáǹtì rẹ̀ lọ sí báǹkì mìíràn ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Ní ìparí oṣù Keje ni ìwé àkọ́kọ́ máa jáde, lórí bébà ilé-iṣẹ́, tí awakọ̀ tó ń gbé oúnjẹ lọ máa fi lé oníbàárà lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n máa kọ sí i nìyí:

"Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, báǹkì mìíràn la ó máa gba owó sí, nítorí pé ẹ̀ka báǹkì tó wà nítòsí wa ti kó lọ. Kò sí nọ́ḿbà àkáǹtì nínú ìwé yìí. Orí ìwé owó yín ti oṣù Kẹsàn-án lẹ ti máa rí i. Kí ẹ tó san ohunkóhun síbẹ̀, ẹ pè wá lórí nọ́ḿbà fóònù tó wà lórí ìwé owó yín àtijọ́, ẹ má lo nọ́ḿbà inú ìwé tuntun kankan, títí kan èyí. Àkáǹtì àtijọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, ẹni tó bá san síbẹ̀ kò ṣẹ̀. A ò ní fi Wọ́sáàpù tàbí ìpè fóònù sọ fún yín láé pé àkáǹtì yí padà."

Àwọn kan á ní kí ló dé tí kò sí nọ́ḿbà àkáǹtì nínú rẹ̀. Ìdí ni pé ìwé tó bá gbé ìròyìn àti nọ́ḿbà pọ̀ ṣeé dà kọ. Olè á yí òǹkà mẹ́wàá náà padà, ìyókù ìwé á sì máa ṣiṣẹ́ fún un. Tí ìròyìn bá dé lọ́tọ̀, tí nọ́ḿbà sì gba ọ̀nà mìíràn wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, olè ní láti gba ọ̀nà méjèèjì lọ́wọ́ yín.

Ẹ wo gbólóhùn nípa àkáǹtì àtijọ́ yẹn náà. Mo rí i pé òun ló ń fọkàn balẹ̀ jù. Oníbàárà tó mọ̀ pé òun ṣì lè sanwó síbi tó mọ̀ kò ní ìdí láti bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé-iṣẹ́ kò ní dúró bí tèmi ṣe dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìgbà mìíràn wà tí àǹfààní yìí kò sí. Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ Heritage Bank ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2024, àwọn tó ń gba owó oníbàárà síbẹ̀ kò ní oṣù kan lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn lè rò pé ìròyìn tí gbogbo ayé ti gbọ́ tó ẹ̀rí. Kò tó, nítorí olè náà gbọ́ ìròyìn, ó sì lè kọ̀wé pé "báǹkì wa ti kógbá sílé, ẹ lo èyí." Ìpè fóònù sí nọ́ḿbà àtijọ́ ló kù láti gbára lé, kí àwọn oníbàárà tó ń san owó ńlá sì rí ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ lójúkojú.

Ìpè yẹn gan-an sì ní ọ̀nà. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé oníbàárà á pè, á ka nọ́ḿbà tó rí, á wá béèrè pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ẹni tó bá gbé fóònù, ìbáà jẹ́ ẹni tó rẹ̀ tàbí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, á ní "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ yín kó sọ pé: "Ẹ má kà á fún mi, mà. Ẹ mú ìwé yín dání, èmi ni màá ka òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, kí ẹ wò ó bóyá ó bá ti ọwọ́ yín mu." Lẹ́yìn náà, kó sọ orúkọ tó máa yọ lójú fóònù wọn, lẹ́tà sí lẹ́tà. Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún àwọn tó ń gba owó nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ agbowó orí ayélujára, nítorí pé ìgbà mìíràn orúkọ ilé-iṣẹ́ agbowó ló máa ń ṣáájú orúkọ tiyín. Oníbàárà tí ẹ ò sọ fún ṣáájú á rí orúkọ àjèjì, á fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fi ọgọ́rùn-ún náírà dán an wò. Kó fi ránṣẹ́, kó pè, kí òṣìṣẹ́ yín sọ fún un iye tó wọlé àti aago tó wọlé kí oníbàárà fúnra rẹ̀ tó sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni kó san ìyókù, kí ẹ sì yọ ọgọ́rùn-ún náírà náà kúrò nínú gbèsè rẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kó ta yín jí. Tí oníbàárà bá pè pé nọ́ḿbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dé ọwọ́ òun, ẹ má pè é ní àṣìṣe ìtẹ̀wé. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà nínú íméèlì yín. Ẹ yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé padà lọ́jọ́ náà, ẹ sì wọ ibi ètò íméèlì lọ wò bóyá àṣẹ kan wà níbẹ̀ tó ń dárí lẹ́tà yín lọ sí àdírẹ́sì tí ẹ ò mọ̀. Àwọn olè máa ń fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé padà. Tí owó bá ti lọ, kí ẹni tó san án pe báǹkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè di àkáǹtì tó gbà á mú. Owó tí wọ́n ti fà yọ ṣòro láti rí gbà padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti pààrọ̀ àkáǹtì, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó kọ ìwé kankan, ẹ pe ẹni tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì yín jókòó, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un. Òun ni oníbàárà yín máa kọ́kọ́ bi.