Ọdún Mélòó Ló Kù Lórí Ilé Tí Ẹ Fẹ́ Rà?

Ẹ jẹ́ ká fi fúláàtì méjì tó wà ní òpópónà kan náà ní Pẹ́kàmù, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ṣe àpẹẹrẹ. Yàrá méjì-méjì ni wọ́n ní, ìtóbi wọn sì dọ́gba. Wọ́n ń ta ọ̀kan ní 300,000 pọ́n-ùn, wọ́n ń ta èkejì ní 282,000. Ẹni tó ń ṣọ́ owó ná á fẹ́ sáré ra èkejì. Àmọ́ nínú ìpolówó méjèèjì, níbi tí wọ́n kọ "Tenure" sí, "Leasehold" ló wà níbẹ̀: ọdún 165 ló kù lórí ti àkọ́kọ́, ọdún 78 ló kù lórí èkejì. Ibẹ̀ ni owó wọn ti yàtọ̀.

Tó bá jẹ́ pé "Freehold" ni wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ ọdún kò ní sí níbẹ̀ rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéèsì, ẹni tó ra fíríhóòlù ra ilé pẹ̀lú ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé, títí láé. Bí òrùlé bá jò, òun ni yóò tún un ṣe. Bó bá sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ilé tó ní ẹnu ọ̀nà àti ọgbà tirẹ̀ ṣe rí. Síbẹ̀, ní àwọn ẹ́sítéètì tuntun, ẹ béèrè bóyá owó ìtọ́jú ọ̀nà àti ọgbà wà tí gbogbo ará ibẹ̀ ń dá.

Fúláàtì ní tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ líìsìhóòlù. Ilẹ̀ àti ilé gíga náà lápapọ̀ wà lọ́wọ́ onílẹ̀. Iye ọdún kan ni ẹ rà láti fi lo àwọn yàrá yín. Ẹ lè gbé ibẹ̀, ẹ lè tà á, ẹ sì lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ọdún tó ṣẹ́ kù nìkan ni ọmọ máa bá níbẹ̀. Ẹ máa san owó ìtọ́jú fún òrùlé, àtẹ̀gùn àti ògiri ìta. Bí iṣẹ́ àtúnṣe kan bá máa ná ẹnì kan nínú yín ju 250 pọ́n-ùn lọ, onílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé gba ìmọ̀ràn yín. Owó ilẹ̀ ọdọọdún náà wà lórí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn tó ti pẹ́. Òfin ti mú un kúrò lórí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n ṣe láti 30 Okúdù 2022.

Bí ọdún bá ti ń lọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ báǹkì kì í fẹ́ yá ni lówó lórí ilé náà mọ́. Òfin gbà kí ẹni tó ni fúláàtì fi ọdún 90 kún èyí tó kù, kí owó ilẹ̀ sì parẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sanwó fún onílẹ̀. Bí ohun tó kù kò bá tó ọdún 80, onílẹ̀ tún ní ìpín nínú èrè tí àfikún ọdún bá mú wá.

Ẹ wo fúláàtì kejì yẹn. Onílẹ̀ ń retí owó ilẹ̀ 250 pọ́n-ùn lọ́dọọdún, ó sì ń retí kí ilé padà sọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 78. Ká ní àwọn sáfíyọ̀ díyelé ìrètí méjèèjì sí 11,000 pọ́n-ùn. Àfikún ọdún yóò sọ fúláàtì náà di 300,000. Bí a bá yọ 282,000 àti 11,000 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 7,000. Ìdajì rẹ̀, ìyẹn 3,500, jẹ́ ti onílẹ̀. Olùrà yóò san 14,500 lápapọ̀, yóò sì tún san owó lọ́yà àti sáfíyọ̀ tirẹ̀ àti ti onílẹ̀. Ẹ̀dínwó 18,000 tó sáré sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ká ní ọdún 81 ló kù ni, kò ní san 3,500 yẹn rárá. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2024 fẹ́ fòpin sí ìpín onílẹ̀ yìí, àmọ́ kí ìjọba tó kéde pé apá yẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ilé.

Tẹ́lẹ̀, olùrà gbọ́dọ̀ ni fúláàtì fún ọdún méjì kó tó lè béèrè àfikún ọdún. Wọ́n ti fagi lé ìyẹn láti 31 Ṣẹ́rẹ́ 2025. Nítorí náà, ẹ lè ra èyí tí ọdún rẹ̀ kéré, bí ẹni tó ń tà á bá yọ owó àfikún náà kúrò nínú iye tó ń pè.

Ẹ má sì gba nọ́ńbà inú ìpolówó gbọ́ láìwádìí. Ejẹ́ǹtì lè kọ ọdún 125 tó wà nínú àdéhùn ìbẹ̀rẹ̀, kó má yọ èyí tó ti lọ. Bó bá jẹ́ láti 1979 ni wọ́n ti ń kà á, 2104 ni yóò parí, ọdún 78 péré ló sì kù ní 2026. Kí ẹ tó dá owó kankan sílẹ̀, ẹ ní kí lọ́yà fi ọdún tí àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ hàn yín, kí ẹ̀yin fúnra yín sì ka ọdún náà.